Ara tó yí àti èémí tí kò kún: bí a ṣe lè ya àwòrán àyà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo

Kò sí àwòrán tí ilé ẹ́síréè ń yà tó pọ̀ tó ti àyà, bóyá ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi máa ń yá jù nídìí rẹ̀. Aláìsàn á wọlé, á bọ́ ẹ̀wù, á dojú kọ pátákó, a ó tẹ bọ́tìnì, ó parí. Ìgbà tí àwòrán bá jáde lójú kọ̀ǹpútà ni a máa ń rí i pé ara aláìsàn ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí pé èémí tó fà sínú kò tó nǹkan, a ó sì ní kó padà wá dúró. Àṣìṣe méjì yìí ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí, mo sì kọ ọ́ fún àwọn íńtàànì àti àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ẹ́síréè tí wọ́n wà ní ilé àyẹ̀wò káàkiri Èkó, yálà ní Erékùṣù tàbí lókè odò, ní Múṣin, Sùúrùlérè àti Yábàá. Àwòrán tí mò ń sọ ni èyí tí aláìsàn dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí àyà rẹ̀ kan pátákó tó ń gba àwòrán, tí ìtànṣán ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, tí túùbù sì jìnnà sí pátákó ní sẹ̀ǹtímítà 180.

Ìtànṣán tí àwòrán àyà kan ń gbé wọnú ara kéré, ó tó nǹkan bíi mílísífátì 0.02, ṣùgbọ́n àtúnyà kan ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láìsí àǹfààní kankan fún aláìsàn. Ohun tó tún burú ju àtúnyà lọ ni kí àwòrán tí kò dáa kọjá sí ọ̀dọ̀ dókítà, kó sì pa irọ́ fún un. Bí ara bá yí, ẹ̀dọ̀fóró kan lè dúdú ju èkejì lọ, ọ̀pá èémí lè dà bí ohun tí nǹkan ń tì kúrò láàárín, òjìji ọkàn náà kò sì ní rí bó ṣe yẹ. Bí èémí kò bá kún, dáyáfíràmù, ìyẹn iṣan tó pín àyà níyà kúrò lára ikùn, yóò wà lókè, yóò ti ọkàn sókè, ọkàn yóò sì dábùú, yóò wá dà bíi pé ó tóbi. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró á fún pọ̀ mọ́ra, wọ́n á funfun bí òtútù àyà tàbí bí omi tó fẹ́ máa rọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn kan ti gba oògùn nítorí irú òjìji bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí aláìsàn tó dé iwájú pátákó

Ẹ ka fọ́ọ̀mù rẹ̀ tán kí ẹ tó pè é wọlé. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé ọkàn ni òun fẹ́ mọ bó ṣe tóbi tó, ẹ ti mọ̀ pé àbùkù èémí kò ṣeé gbójú fò rárá. Bó bá jẹ́ ikọ́ ife ni wọ́n ń wá, òkè ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, lábẹ́ kọ́lábóònù, ni ojú yín yóò wà, yíyí ara sì lè fi apá kan ibẹ̀ pamọ́. Ẹ wo bó ṣe ń rìn wọlé pẹ̀lú. Ẹni tó ń tiro, tàbí tó di ìhà mú, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ti sọ fún yín ohun tí yóò ṣòro fún un kó tó ya ẹnu.

Kí ó bọ́ ohun tó wà lọ́rùn, kí ó sì ká irun dídì lọ sókè orí, nítorí irun tó wálẹ̀ sórí èjìká lè fi ìlà sílẹ̀ lórí òkè ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ní kí ó tú bẹ́líìtì tàbí okùn ṣòkòtò tó bá dì pinpin, kí obìnrin náà sì dẹ ìró tó gbà mọ́ àyà. Ikùn tí a so mọ́lẹ̀ kò ní gba dáyáfíràmù láyè láti sọ̀kalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń di èjìká aláìsàn mú, a ó fi ọwọ́ yí i sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi dà bíi pé ó gún. Bí a bá ti yíjú padà, ara á yí padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni wọ́n ń yí ara, èjìká kàn ń tẹ̀lé wọn ni. Nítorí náà, ẹ wo ilẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà, kí wọ́n yà díẹ̀ síra, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí pátákó tààrà, kí ara sì wúwo lórí méjèèjì bákan náà. Ẹni tí orúnkún kan ń dùn yóò fẹsẹ̀ kan sinmi láì mọ̀, ìbàdí rẹ̀ á sì yí. Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan egungun ìbàdí méjèèjì láti ẹ̀yìn, kí ẹ rí i pé wọ́n jìnnà sí pátákó bákan náà. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fọwọ́ kan ìbàdí yín kí n lè mọ̀ bóyá ẹ dúró gún."

Ìgbà yìí ló tó kan èjìká. Ẹ ní kí ó gbé àgbọ̀n sókè sórí etí pátákó, kí ojú rẹ̀ máa wo iwájú gan-an. Ẹni tó bá yíjú láti wo yín bí ẹ ṣe ń padà sídìí bọ́tìnì yóò fi ọrùn fa àyà rẹ̀ yí, àṣìṣe yìí sì pọ̀ púpọ̀ nítorí pé ara gbogbo ènìyàn kò balẹ̀ bí ẹnìkan bá wà lẹ́yìn wọn. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ẹ̀ ń lọ sẹ́yìn gíláàsì, pé yóò máa gbọ́ ohùn yín, kí ó má ṣe wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, kí ó ti ìgúnpá síwájú, kí iwájú èjìká méjèèjì sì kan pátákó. Èyí ń mú egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká kúrò lórí ẹ̀dọ̀fóró. Bí àgbàlagbà kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó na apá méjèèjì gbá pátákó mọ́ra. Èjìká méjèèjì á wá síwájú bákan náà, òun náà á sì rí nǹkan dì mú.

Kí ẹ tó kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi ojú wọn àyè tó wà láàárín pátákó àti ìhà rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí àyè kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ ni kí ẹ padà sí. Ó gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èémí, ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó lọ

Aláìsàn tó ń gbọ́ àṣẹ èémí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ẹ̀yìn gíláàsì kò ní ṣe é dáadáa. Àwọn mìíràn á gbé èjìká sókè dípò kí wọ́n fẹ àyà, àwọn mìíràn á fà á sínú, wọ́n á tú u jáde, wọ́n á wá sé èémí lẹ́yìn tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ara yín ṣe àpẹẹrẹ, kí ó sì ṣe é lójú yín lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Bí aláìsàn kò bá gbọ́ Yorùbá, tó jẹ́ Ègùn tàbí Haúsá ló ń sọ, àpẹẹrẹ yìí ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà ló dára: "Màmá, ẹ fa èémí sínú. Ẹ tú u jáde. Ó yá, ẹ tún fà á sínú, ẹ fà á gan-an, kí àyà yín kún. Ẹ sé e, ẹ má mí." Èémí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni a máa ń yà, kì í ṣe ti àkọ́kọ́, nítorí pé ti àkọ́kọ́ ni ara fi ń mọ ohun tí à ń bi í, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló sì máa ń jinlẹ̀. Bí èjìká rẹ̀ bá ń gòkè nígbà tó ń fà á, ẹ rọra gbé ọwọ́ lé èjìká náà kí ó wálẹ̀, torí pé kọ́lábóònù tó gòkè yóò bo òkè ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò wa, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri, ohùn oníṣẹ́ kò sì dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tó dojú kọ pátákó. Kò lè rí ọwọ́ tí ẹ bá ń jù sí i. Ẹ pa fèrèsé àti ilẹ̀kùn dé, ẹ gbé ohùn sókè, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì bóyá ó ń gbọ́ yín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àṣẹ. Aláìsàn tí kò gbọ́ "ẹ sé e" á ti máa tú èémí jáde nígbà tí ìtànṣán bá ń kọjá, àwòrán náà á sì ní àbùkù méjì pọ̀, èémí tí kò kún àti ara tó mì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: títẹ bọ́tìnì

Ẹ ti múra ẹ̀rọ sílẹ̀ kí àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí aláìsàn má baà sé èémí dúró de ẹ̀rọ. Ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ máa rí i tí ìhà rẹ̀ ń fẹ̀. Nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́kàn, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ó ti yí tàbí pé ó ti tú èémí, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ ní kí ó mí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àṣẹ tí a tún pa kò ná aláìsàn ní ìtànṣán kankan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kíka àwòrán kí aláìsàn tó wọ ẹ̀wù

Ẹ wá ibi tí orí kọ́lábóònù ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé igbá àyà, kí ẹ sì wá ṣóńṣó egungun ẹ̀yìn tó wà láàárín wọn, tó máa ń hàn bí ẹ̀kán omi kékeré lórí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ wọn àyè tó wà láti ṣóńṣó yẹn dé orí kọ́lábóònù kọ̀ọ̀kan. Bí àyè méjèèjì bá dọ́gba, ara gún. Ohun tó jẹ́ kí ìwọ̀n yìí ṣiṣẹ́ ni pé iwájú ara ni orí kọ́lábóònù wà, ẹ̀yìn ni ṣóńṣó wà. Bí ẹni tó dúró níwájú òpó méjì tó tò tẹ̀léra bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òpó ẹ̀yìn kò ní fara pamọ́ sẹ́yìn ti iwájú mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni egungun iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣe ń pínyà bí ara bá yí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni mímọ èjìká tí wọn yóò tún ṣe. Nínú àwòrán tí àyà kan pátákó, ẹ̀gbẹ́ tí àyè ti fẹ̀ jù ni èjìká rẹ̀ kúrò lára pátákó. Bí àyè òsì bá fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, èjìká òsì ni kí ẹ mú sún mọ́ pátákó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó ti ẹsẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí. Fún aláìsàn tí a ya lórí ibùsùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan kásẹ́ẹ̀tì, òdìkejì ni: ẹ̀gbẹ́ tí àyè ti kéré ló ga kúrò lára kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí pé òsì aláìsàn wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín bí ẹ ti ń wo àwòrán.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka egungun ìhà. Èyí tó wà lẹ́yìn ló rọrùn láti kà, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dábùú gbọọrọ, nígbà tí ti iwájú ń dà sísàlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí àkọ́kọ́, tó kéré, tó sì tẹ̀ kọdọrọ ní òkè pátápátá, nítorí ẹni tó bá fo ìyẹn yóò ṣìṣe kíkà títí dópin. Ẹ máa kà á ní apá ọ̀tún títí dé dáyáfíràmù. Bí ẹ bá rí mẹ́wàá lẹ́yìn lókè dáyáfíràmù, tàbí mẹ́fà níwájú, èémí kún dáadáa. Mẹ́sàn-án ṣì dára fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Méje kò dára bí kò bá ní ìdí.

Àpẹẹrẹ kan

Bàbá ẹni ọdún 63 kan tó ń ta aṣọ ní Balógun wá sí ilé àyẹ̀wò kan nítòsí Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń tọ́jú fún un, dókítà sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ ti tóbi. Íńtàànì kan ló ya àwòrán àkọ́kọ́. Àyè òsì tó sẹ̀ǹtímítà 3, ti ọ̀tún jẹ́ 1. Egungun ìhà méje péré ló hàn lẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì funfun. Ọkàn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, inú àyà sì jẹ́ 26.5, bí a bá pín ti ọkàn sí ti àyà, a ó rí 0.57. Ìdajì, ìyẹn 0.5, ni a máa ń fi ṣe ààlà fún àgbàlagbà, nítorí náà ẹni tó bá ka àwòrán yìí lásán yóò kọ ọ́ pé ọkàn ti tóbi.

Íńtàànì náà rí funfun ìsàlẹ̀, ó sọ pé ìtànṣán ni kò tó, ó sì fẹ́ fi kún un kí ó tún un yà. Ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àwòrán kejì ì bá dúdú sí i, ṣùgbọ́n dáyáfíràmù ì bá ṣì wà lókè, ọkàn ì bá ṣì dábùú, wọn ì bá sì ya ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó kọ́kọ́ ka ìhà, kí ó wọn àyè, kí ó sì sọ ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Àyè òsì ló fẹ̀, nítorí náà èjìká òsì ló jìnnà sí pátákó. Nígbà tí wọ́n padà wo bàbá, wọ́n rí i pé orúnkún òsì rẹ̀ ló tẹ̀, tó sì gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Bàbá, ṣé orúnkún yẹn ń dùn yín ni?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí, ọmọ mi. N kò fẹ́ dà yín láàmú ni."

Wọ́n ní kí ó gbá pátákó mọ́ra kí apá lè ràn án lọ́wọ́ láti dúró, ó na orúnkún náà fún ìwọ̀n ìgbà tó lè fara dà, ìbàdí rẹ̀ sì gún. Okùn ṣòkòtò rẹ̀ tí kò sí ẹni tó bi í léèrè tẹ́lẹ̀ dì gírígírí. Ó tú u. Íńtàànì náà kọ́ ọ ní èémí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ariwo ìta. Iye ìtànṣán kan náà ni wọ́n lò. Nínú àwòrán kejì, àyè méjèèjì dọ́gba, ìhà mẹ́wàá hàn, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró mọ́, ọkàn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14 nínú àyà tó jẹ́ 29, ìyẹn 0.48. Bàbá yẹn kò ní ọkàn tó tóbi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ṣé kí a tún un yà?

Kì í ṣe gbogbo àwòrán tí kò pé ni a gbọ́dọ̀ tún yà. Ẹ bi ara yín léèrè méjì: ṣé àwòrán yìí lè dáhùn ohun tí dókítà kọ sínú fọ́ọ̀mù, àti pé ṣé ohun kan wà tí mo lè yí padà tí èkejì yóò fi sàn ju èyí lọ? Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì bá jẹ́ rárá, ẹ má tún un yà. Aboyún tó ti súnmọ́ ọjọ́ ìbí, ẹni tí omi kún inú rẹ̀, ẹni tó sanra púpọ̀, tàbí ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́ lè má lè mí kọjá ìhà mẹ́jọ, bó ti wù kí ẹ bẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé agbára rẹ̀ mọ níbẹ̀, kí dókítà tó ń ka àwòrán lè mọ̀ pé funfun ìsàlẹ̀ lè jẹ́ ti èémí.

Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ kò ṣeé fi kọ́lábóònù díwọ̀n bí ara rẹ̀ ṣe gún tó, nítorí ṣóńṣó egungun rẹ̀ kò tò lórí ìlà kan. Mo ti rí i tí wọ́n ya irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n ń yí i kiri lójú pátákó, wọn kò sì yé wá ìdọ́gba tí ara rẹ̀ kò ní. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá tẹ̀ nínú àwòrán, ẹ wo ẹsẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ tó wà níwájú yín. Bí wọ́n bá gún, àwòrán yín ti dára.

Bí ẹ bá wá tún un yà, ohun kan pàtó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ ní ìgbà kejì, kí ẹ sì lè fi ẹnu sọ ọ́: ẹsẹ̀ ni, tàbí orí, tàbí okùn, tàbí bí ẹ ṣe pa àṣẹ èémí. Ẹ ṣàlàyé fún aláìsàn ìdí tí ẹ fi ń padà pè é, nítorí ọ̀pọ̀ á rò pé ẹ ti rí àrùn burúkú. Ẹ má sì pa àwòrán àkọ́kọ́ rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà láìkọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé kan tí a là sí ìlà mẹ́ta, ọjọ́, àbùkù, ohun tó fà á, tó fún ilé àyẹ̀wò kékeré. Bí ìparí oṣù bá dé, tó sì hàn nínú rẹ̀ pé èémí ló fa èyí tó pọ̀ jù, tó sì jẹ́ pé àkókò tí iná kì í sí, tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n ṣẹlẹ̀, ilé àyẹ̀wò ti mọ̀ pé ibi tí jẹnẹrétọ̀ yẹn wà ni kí wọ́n yí padà.